Àwọn ìbéèrè tó máa ń wáyé nígbà tí akẹgbẹ́ ẹni bá ní ká bá òun ka ìjábọ̀

Kí ló yẹ kí n bi akẹgbẹ́ mi kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á?

Ohun mẹ́ta: ta ló máa kà á, kí ni onítọ̀hún fẹ́ fi ṣe, ọjọ́ wo ló sì gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjábọ̀ tí ọ̀gá fẹ́ fi pinnu bóyá iṣẹ́ kan á máa lọ tàbí á dúró, ọ̀tọ̀ ni. Èyí tí wọ́n kàn fẹ́ tọ́jú sínú fáìlì, ọ̀tọ̀ ni. Bó bá sì jẹ́ àárọ̀ ọ̀la ló ń lọ, kò sí èrè kankan nínú kí ẹ máa sọ fún un pé apá kejì ni ì bá ṣáájú.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé kí ló fẹ́ kí ẹ bá òun wò níbẹ̀. Àwọn kan fẹ́ kí ẹ yẹ ìṣirò wò. Àwọn kan fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà yé ẹni tí kò sí nídìí iṣẹ́ ọ̀hún. Àwọn mìíràn kàn fẹ́ kí ojú kejì bá wọn wá lẹ́tà tó já bọ́. Ẹni tó ní kí ẹ bá òun wá lẹ́tà, tí ẹ wá tú ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀ palẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tó fẹ́ fi í sílẹ̀, á bínú, bó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́ pọ́nńbélé lẹ sọ. Tí ẹ bá rí nǹkan ńlá níbi tí kò rán yín sí, ẹ kọ́kọ́ béèrè: "Mo rí nǹkan kan tó ju ọ̀rọ̀ lẹ́tà lọ. Ṣé o fẹ́ gbọ́ ọ báyìí?"

Báwo ni kí n ṣe kà á?

Ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù, kí ẹ kà á dé ìparí bí ẹni tó fẹ́ fi í ṣe ìpinnu. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ pa á dé, kí ẹ wá kọ gbólóhùn kan péré sórí bébà: "Ìjábọ̀ yìí ní ká ṣe báyìí, nítorí báyìí." Bí gbólóhùn yẹn kò bá ṣe é kọ, ẹ ti rí àkíyèsí yín àkọ́kọ́ nìyẹn, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ má rí èyí tó wúlò jù ú lọ.

Nígbà kejì ni kí ẹ tó mú kálámù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, níbi tí àbá wà, kí ẹ máa tọpa rẹ̀ padà. Kí ni àbá yìí dúró lé? Nọ́ńbà wo ló gbé ohun tó dúró lé náà ró? Inú àtẹ wo ni nọ́ńbà yẹn ti wá? Àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní, orí kọmá ni agbára wọn máa ń tán sí. Kí wọ́n tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà, ó ti rẹ̀ wọ́n, wọ́n á wá kọ "Ó dáa" síbẹ̀.

Àkíyèsí mélòó ló pọ̀ jù?

Mo ti fi àkíyèsí 63 sórí ìjábọ̀ olójú ìwé 11 rí. Akẹgbẹ́ mi tí a jọ máa ń jẹun ọ̀sán ló ni ín. Ó ṣí i lójú mi, ó rí ẹ̀gbẹ́ ìwé tó pọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní "O ṣé o," ó sì pa kọ̀ǹpútà dé. Ó lé ní ọdún kan kó tó tún fi nǹkan hàn mí. Nígbà tí mo padà lọ yẹ àwọn 63 náà wò, mẹ́rin péré ló lè yí ohun tí òǹkàwé máa ṣe padà. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù kò ju ohun tó wù mí lọ: mo fẹ́ "ṣùgbọ́n" níbi tó ti kọ "àmọ́".

Láti ìgbà náà ni mo ti ń pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Èyí tó lè mú kí ìpinnu ṣìnà, mo máa ń sọ ọ́ dandan, ó sì ṣọ̀wọ́n kó ju mẹ́ta lọ. Èyí tó lè mú kí òǹkàwé kọsẹ̀, bí àtẹ tí kò ní àkọlé tàbí ọ̀rọ̀ kan náà tí a fi orúkọ méjì pè, mo máa ń kó wọn jọ sójú kan ní ìlà kúkúrú kúkúrú. Èyí tó jẹ́ ohun tó wù mí lásán, mo gbé e mì. Ọ̀nà kẹta yìí ló le jù, torí ibẹ̀ ni a ti máa ń rò pé a ń ṣiṣẹ́ jù.

Ti lẹ́tà tó já bọ́, bó bá ti gbà kí ẹ fọwọ́ kan ìwé náà, ẹ tan Track Changes, kí ẹ tún un ṣe, kí ẹ má sọ nǹkan kan sí i.

Mo rí àṣìṣe kan tó wó àbá ìjábọ̀ náà lulẹ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ tún ìṣirò náà ṣe fúnra yín, lórí bébà, kó tó di pé ẹ sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan yẹ̀ wò. Ẹ̀ka kan tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà yí ètò iṣẹ́ wọn padà ní ìparí oṣù kìíní. Akẹgbẹ́ yín kọ ìjábọ̀ oṣù mẹ́ta. Ní oṣù kìíní, ẹrù 120 ni wọ́n fi ránṣẹ́, 18 pẹ́ nínú rẹ̀. Ní oṣù kejì, 80, 14 pẹ́. Ní oṣù kẹta, 60, 12 pẹ́. Gbólóhùn tó wà ní ojú ìwé 4 ni pé: "Ẹrù tó ń pẹ́ ti dín kù láti 18 sí 12. Ètò tuntun ń ṣiṣẹ́. A dábàá pé kí gbogbo ẹ̀ka gbà á."

Òótọ́ ni pé 12 kéré sí 18. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹrù tí wọ́n fi ránṣẹ́ ti dín kù sí ìdajì. Bí nǹkan kan kò bá yí padà rárá, 9 ló yẹ kó pẹ́ nínú 60, torí pé 18 nínú 120 jẹ́ 15 nínú 100. Èyí tó pẹ́ jẹ́ 12, ìyẹn 20 nínú 100. Ti oṣù kejì jẹ́ 17.5 nínú 100. Iye tó ń pẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún kàn ń gòkè ni, láti oṣù dé oṣù, nígbà tí ìjábọ̀ ń sọ pé ó ń bọ̀ wálẹ̀.

Ibí ni ọ̀pọ̀ àwa tí a ń ka iṣẹ́ ẹlòmíràn ti máa ń ṣe àṣìṣe tiwa. A ó ti sáré kọ ọ́ pé "Ètò tuntun ti ba iṣẹ́ jẹ́." Ẹ dúró ná. Láti 9 sí 12, ẹrù mẹ́ta ni. Ojú ọjọ́ tó burú ní ọjọ́ kan tàbí ọkọ̀ kan tó bàjẹ́ lè fà á. Ó sì ṣeé ṣe kí àwọn oníbàárà tó wà nítòsí ló dáwọ́ dúró, kó wá ku àwọn ti ọ̀nà jíjìn, tí ẹrù wọn ti máa ń pẹ́ tipẹ́tipẹ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ètò tuntun kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ohun tí àtẹ yẹn gbà yín láyè láti sọ kò ju pé nọ́ńbà wọ̀nyí kò tíì gbé àbá náà ró. Tí ẹ bá sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, akẹgbẹ́ yín á rí ihò nínú ọ̀rọ̀ tiyín, á sì fi ihò yẹn jù gbogbo rẹ̀ nù.

Ọ̀rọ̀ wo gan-an ni kí n fi sọ ọ́?

Ẹ sọ ibi tó wà, ẹ sọ ohun tí ẹ rí àti bí ẹ ṣe rí i, ẹ sọ ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ jáde, kí ẹ wá béèrè. Fún àpẹẹrẹ tòkè yìí, bí ẹgbẹ́ yín ni: "Ní ojú ìwé 4, o kọ ọ́ pé ẹrù tó pẹ́ dín kù láti 18 sí 12. Mo wo àtẹ ojú ìwé 2, mo rí i pé gbogbo ẹrù náà lọ láti 120 sí 60. Bí mo ṣe pín in, mo rí 15 nínú 100 ní oṣù kìíní, 20 nínú 100 ní oṣù kẹta. Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹnì kan á pín in bẹ́ẹ̀ nínú ìpàdé. Ṣé nǹkan kan wà tí mi ò rí?"

Ẹ fi í wé èyí: "O ò ro iye ẹrù mọ́ ìṣirò rẹ." Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ó tilẹ̀ kúrú jù. Ṣùgbọ́n orí ẹni tó kọ ọ́ ló bọ́ sí, kò bọ́ sórí ojú ìwé 4. Ní ọdún 1996, Avraham Kluger àti Angelo DeNisi kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lórí ohun tí sísọ fún èèyàn bó ṣe ṣiṣẹ́ sí máa ń dá sílẹ̀. Ní gbogbogbòò, ó ń ṣèrànwọ́. Àmọ́ nínú ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta, iṣẹ́ onítọ̀hún tún burú sí i lẹ́yìn tí wọ́n sọ̀rọ̀ fún un tán. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé bí ọ̀rọ̀ bá ti ń kúrò lórí iṣẹ́, tó ń sún mọ́ irú ẹni tí èèyàn jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àǹfààní rẹ̀ ń dín kù.

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn, kì í ṣe ti ojú ayé. Nígbà mìíràn, nǹkan kan wà lóòótọ́ tí ẹ kò rí: bóyá 60 yẹn jẹ́ ti ilé ẹrù kan ṣoṣo, bóyá àtẹ ojú ìwé 2 ni kò tíì pé. Tí ẹ bá béèrè, tó sì dáhùn, kò sí ẹni tójú tì. Ṣùgbọ́n "Ṣé o ò rí i pé iye ẹrù ti dín kù ni?" kì í ṣe ìbéèrè. Èébú ni, àmì ìbéèrè ló fi bojú.

Ṣé kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ ni, àbí kí n pè é?

Èyí tó kéré, ẹ kọ ọ́. Èyí tó lè wó àbá rẹ̀, ẹ pè é tàbí kí ẹ lọ bá a, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Justin Kruger àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ dán èyí wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2005. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn fi gbólóhùn ránṣẹ́ sí ẹnì kejì, àwọn kan nínú gbólóhùn náà jẹ́ òótọ́ inú, àwọn kan jẹ́ ẹ̀fẹ̀. Àwọn tó fi í ránṣẹ́ gbà pé bóyá ímeèlì ni o, bóyá ohùn ni o, ẹni tó gbà á á mọ ìyàtọ̀ nígbà 78 nínú 100. Fún àwọn tó gbọ́ ohùn, ó jẹ́ 73. Fún àwọn tó ka ímeèlì, 56 ni, tí kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju kí èèyàn kàn máa méfò. Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu yín nígbà tí ẹ ń kọ "Mo kàn ní kí n béèrè ni", kò bá ọ̀rọ̀ yẹn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìpè náà, ẹ kọ ìlà méjì tàbí mẹ́ta ránṣẹ́ tó sọ ohun tí ẹ jọ fẹnu kò sí, kó má bàa di "èmi ò ránti pé o sọ bẹ́ẹ̀".

Ẹ̀yin àti òun nìkan ni kó jẹ́. Ẹ má sọ ọ́ nínú gúrúùpù WhatsApp ẹ̀ka yín, ẹ má sì fi ọ̀gá sínú Cc. Bó bá jẹ́ inú Google Docs lẹ ti ń kọ àkíyèsí, ẹ kọ́kọ́ tẹ Share kí ẹ wo àwọn tó lè ṣí ìwé náà. Mo ti rí i tí èèyàn kọ "Nọ́ńbà yìí kò jọ mí lójú" sínú ìwé tí ọ̀gá wọn ti ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́.

Ṣé dandan ni kí n kọ́kọ́ yìn ín, kí n tó sọ àṣìṣe, kí n sì tún yìn ín?

Rárá o. Wọ́n á ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọmọ ni wọ́n pa òwe yẹn fún. Akẹgbẹ́ yín mọ̀ pé "Ìjábọ̀ yìí dára gan-an" tó ṣáájú yẹn, ilẹ̀kùn "ṣùgbọ́n" ló jẹ́. Tó bá ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ọjọ́ tí ẹ bá yìn ín tọkàntọkàn, àyà rẹ̀ á já.

Ẹ sọ ohun tó dára níbi tó ti dára, kí ẹ sì sọ ọ́ pàtó, torí ó wúlò fún un: "Má fọwọ́ kan àtẹ ojú ìwé 2. Òun ló jẹ́ kí n rí nǹkan náà láàárín ìṣẹ́jú kan." Ìyẹn sọ fún un pé ibi báyìí ni kó má yí padà, ó sì jẹ́ òótọ́. Bí ẹ kò bá rí nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ má hun ún.

Ṣé kí n bá a tún apá náà kọ?

Bó bá jẹ́ gbólóhùn kan, ẹ lè fi àpẹẹrẹ hàn án. Fún ọ̀rọ̀ ẹrù yẹn, mo lè kọ ọ́ báyìí: "Ẹrù tó pẹ́ jẹ́ 18 nínú 120 ní oṣù kìíní, 12 nínú 60 ní oṣù kẹta. Iye náà kéré jù láti fi mọ̀ bóyá ètò tuntun ló fà á. A dábàá pé kí á máa wò ó fún oṣù mẹ́ta sí i, kí á sì ya ẹrù ọ̀nà jíjìn sọ́tọ̀." Mo fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé, "Àpẹẹrẹ ni o, sọ ọ́ bó ṣe wù ẹ́."

Bó bá ju gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta lọ, ẹ fà sẹ́yìn. Bí ẹ bá tún gbogbo apá náà kọ, ohùn yín á gba inú ìwé rẹ̀ kan. Tí wọ́n bá wá bi í léèrè nínú ìpàdé, kò ní lè gbèjà ohun tí kò tọwọ́ rẹ̀ jáde. Á tún jẹ yín ní gbèsè ọpẹ́ tí kò tọrọ, irú gbèsè bẹ́ẹ̀ sì máa ń di ìkùnsínú.

Ó jù mí lọ, lọ́jọ́ orí tàbí lẹ́nu iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ipò kan náà la wà. Ǹjẹ́ ó yẹ kí n yí ọ̀rọ̀ mi padà?

Ẹ yí bí ẹ ṣe pè é padà, kí ẹ má yí nọ́ńbà padà. "O" á di "ẹ", ẹ ó sì fi Ẹ̀gbọ́n tàbí orúkọ tí ẹ máa ń pè é tẹ́lẹ̀ ṣáájú: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ bá mi wo ojú ìwé 4. Bí mo ṣe pín in, 20 nínú 100 ni mo rí ní oṣù kẹta." Ẹ gbé bébà tí ẹ fi ṣe ìṣirò síwájú rẹ̀, kí ẹ dákẹ́, kó fúnra rẹ̀ pín in. Lọ́pọ̀ ìgbà, òun ló máa kọ́kọ́ sọ pé, "Háà, mi ò fi iye ẹrù yẹn sí i."

Ohun tó ń pa ọ̀wọ̀ lára ni kí èèyàn fi ọ̀wọ̀ bo òótọ́ mọ́lẹ̀ títí tí ọ̀rọ̀ á fi lójú pọ̀. Àǹtí tí ẹ wí ìwíkúwìí fún nítorí pé ẹ ò fẹ́ kó bínú, tó wá lọ sọ 18 sí 12 níwájú àwọn ọ̀gá, kò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ó bínú, tàbí ó ní òun kò gbà. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn?

Ẹ ya ìbínú sọ́tọ̀ kúrò lára àtakò. Bó bá ní "Mo gbọ́" ní ṣókí, tó sì ń wo ibòmíràn, ẹ má ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ fún un ní ọjọ́ kan bí àyè bá wà. Àtúnṣe tó pọ̀ ni mo ti rí tó wọlé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì láìsí ọ̀rọ̀ kankan, mo sì ti kọ́ láti má ṣe sọ pé, "Mo rí i pé o ti tún un ṣe."

Bó bá jẹ́ àtakò gidi, ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó lè ní, "Iye ẹrù tó pẹ́ gan-an ni ọ̀gá béèrè, kò béèrè ìdá nínú ọgọ́rùn-ún." Ìyẹn ṣeé gbà. Ẹ lè dáhùn pé kó fi 18 àti 12 sílẹ̀, kó kàn kọ 120 àti 60 sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Nígbà tí èèyàn bá ti rí nọ́ńbà mẹ́rin náà papọ̀, kò sí ẹni tó máa ṣì í lọ́nà mọ́. Bí kò bá sì gbà èyí náà, ẹ sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé: "Ìwọ lo ni ìjábọ̀. Mo kàn ń sọ pé mi ò rò pé nọ́ńbà yìí lè gbé àbá náà." Kí ẹ dá a dúró níbẹ̀.

Wọ́n ti fi ìjábọ̀ náà ránṣẹ́ sí ọ̀gá kí n tó rí àṣìṣe yẹn. Kí ni kí n ṣe?

Òun lẹ máa kọ́kọ́ sọ fún, lójú ẹsẹ̀, kí ó lè jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló máa gbé àtúnṣe lọ bá ọ̀gá. Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ kọ̀wé pé, "Mo rí àṣìṣe kan nínú ojú ìwé 4, àtúnṣe rẹ̀ rèé", iyì rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dín. Ẹni tí ẹlòmíràn bá tú u fó nínú ìpàdé ni ojú máa ń tì.

Àyàfi bó bá jẹ́ pé wọ́n ti fẹ́ fi í ṣe ìpinnu láàárín wákàtí kan, tí ẹ sì ti pè é títí tí ẹ kò rí i. Nígbà náà, ẹ sọ fún ọ̀gá ní ìlà kan, ẹ fi nọ́ńbà sí i, ẹ má fi orúkọ ẹnikẹ́ni sí i, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí akẹgbẹ́ yín ní ìṣẹ́jú kan náà.

Àṣìṣe kan náà ló ń ṣe nínú gbogbo ìjábọ̀. Ṣé kí n máa tún un sọ ni?

Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ má sọ ọ́ mọ́ lórí ìjábọ̀. Ẹ mú un jáde kúrò nínú ìwé kan pàtó, ní ọjọ́ tí kò sí ìwé kankan nílẹ̀: "Mo ti rí i nínú ìjábọ̀ mẹ́ta pé iye lásán la fi ń wé oṣù kan sí èkejì. Ṣé ká fi ìlà kan kún àtẹ wa, tó máa ń pín in sí ọgọ́rùn-ún fúnra rẹ̀?" Ó lè jẹ́ àtẹ tí gbogbo yín ń lò ló ń bí àṣìṣe náà. Mo ti rí i bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti dá ẹ̀bi fún àwọn èèyàn kí n tó mọ̀.

Ọ̀gá bi mí ní kọ̀rọ̀ pé kí ni mo rò nípa ìjábọ̀ akẹgbẹ́ mi. Kí ni kí n sọ?

Ẹ sọ ohun tí ẹ ti sọ fún akẹgbẹ́ yín tẹ́lẹ̀, kí ẹ má fi nǹkan kan lé e. Bí ẹ kò bá tíì sọ nǹkan kan fún un, ẹ dá ọ̀gá lóhùn pé: "Mo ní ìbéèrè kan lórí nọ́ńbà ojú ìwé 4. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi í, torí ó lè ní ìdáhùn sí i. Á dé ọ̀dọ̀ yín kí ilẹ̀ tó ṣú." Mi ò tíì rí ọ̀gá tó kọ èyí, bí aago tí mo dá fún un bá ti pé.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún akẹgbẹ́ yín pé ọ̀gá béèrè. Ó máa padà gbọ́ ni.

Orúkọ mi wà lórí ìjábọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó bá a kà á, kò sì ṣe àtúnṣe tí mo sọ. Ńkọ́?

Èyí ló le jù nínú gbogbo wọn, torí ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí iṣẹ́ rẹ̀ nìkan, ó ti kan orúkọ tiyín. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀nà tó gbà kọ ọ́, ẹ jẹ́ kó lọ. Bó bá jẹ́ irú 18 sí 12 yẹn, ẹ ní ohun méjì láti yàn, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ èyí tí ẹ yàn fún un kó tó ṣẹlẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni kí ẹ ní kó yọ orúkọ yín. Ìkejì, tí mo fẹ́ràn jù, ni kí ẹ ní kó fi ìlà kan sábẹ́ àtẹ náà: "Ẹni tó ka ìjábọ̀ yìí ṣàkíyèsí pé iye ẹrù dín kù láti 120 sí 60 láàárín oṣù mẹ́ta náà." Kò sọ pé ẹnikẹ́ni ṣàṣìṣe, kò sì já àbá rẹ̀ ní koro. Mo ti lò ó lẹ́ẹ̀kan. Akẹgbẹ́ mi wo ìlà náà fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Tí mo bá máa fi èyí sí i, ṣebí kí n kúkú tún ojú ìwé 4 kọ."